Ẹ jẹ́ kí omi tòrò kí ẹ tó sá a sóòrùn

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń sá omi mímu sóòrùn nínú ike, kí oòrùn lè pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níbẹ̀rẹ̀ kò ju báyìí lọ: rọ omi sínú ìgò ike tó mọ́ gaara, tẹ́ ẹ sórí páànù láàárọ̀, jẹ́ kí oòrùn pa á fún wákàtí mẹ́fà, kí o sì mu ún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ẹni tó kọ́ mi kò tẹnu mọ́, èmi náà ò sì bèèrè: omi náà gbọ́dọ̀ ti tòrò kó tó wọnú ike. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mẹ́ta ló wá kọ́ mi ní ìyẹn.

Òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo fa omi kànga láàárọ̀, ó ti pọ́n bí omi amọ̀. Mo rọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ike mẹ́rin, lítà kan àbọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́ wọn sóòrùn ní aago mẹ́sàn-án, mo sì kó wọn wọlé ní aago mẹ́ta. Ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà. Ike ọ̀hún lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé ooru ti pa ohun tó yẹ kó pa. Erùpẹ̀ díẹ̀ ti rọlẹ̀ sí ìdí ike, mo rọra da ti òkè sínú ife fún ọmọ mi obìnrin. Nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ kejì, inú ti ń run ún, ìgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè búra pé omi yẹn ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá rí àwọ̀ rẹ̀ kò ní wá ẹ̀bi síbòmíràn.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un, ó wá kọjú sí mi: “Mọ́mì, irú omi wo lẹ̀ ń mu nílé?”

Mo ní, “Èyí tí mo sá sóòrùn ni, nọ́ọ̀sì.”

“Tí ẹ bá wo inú ike yẹn látẹnu rẹ̀, ṣé ẹ máa ń rí ìdí rẹ̀?”

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe ooru. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú wa kò lè rí. Òun ló ń wọ ara kòkòrò àrùn, tó ń ba ohun tí wọ́n fi ń bí sí i jẹ́, tí wọn ò fi ní lè gbèrú nínú ikùn ẹni tó mu omi náà. Ooru náà ní agbára tirẹ̀, ṣùgbọ́n àfi tí omi bá gbóná kọjá ìwọ̀n sẹ́ńtígíréédì 50 kó tó ran ìtànṣán lọ́wọ́ débi pé wákàtí kan péré lè tó. Omi tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò ní rọrùn láti dì mú pẹ́. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo wá kà á lẹ́yìn náà pé lára irú omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fún ọmọ mi gan-an ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Aftim Acra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bèírúùtù, ní orílẹ̀-èdè Lẹ́bánónì, ti dán agbára oòrùn yìí wò, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1980.

Nígbà tí omi bá dàrú, erùpẹ̀ inú rẹ̀ ló ń gba ìtànṣán náà mọ́ omi lọ́wọ́. Èyí tó bá kan òkè ike kò ní dé ìsàlẹ̀. Àwọn kòkòrò mìíràn tún ń lẹ̀ mọ́ ara erùpẹ̀ náà, wọ́n á fi í ṣe ibi ìsápamọ́ sí. Wákàtí mẹ́fà lè pé, kí àwọn wọ̀nyí ṣì wà láàyè.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, mi ò sì fojú fò ó mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo máa ń rọ omi kún ike, màá gbé e nàró sórí ìwé ìròyìn, kí ìdí rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ àkọlé tí wọ́n kọ gàdàgbà. Màá wá wò ó láti ẹnu ike lọ sísàlẹ̀, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́, nítorí omi tó dàrú lè tanni jẹ tí a bá wò ó látẹ̀gbẹ́. Tí mo bá lè ka àkọlé náà, omi yẹn ṣeé sá. Tí mi ò bá lè kà á, kò tíì yá.

Mo dán an wò lára omi kànga yẹn kan náà nígbà tí mo padà délé. Mi ò rí lẹ́tà kankan, dúdú lásán ni. Mo da omi náà sínú korobá, mo dé e, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Láàárọ̀, mo rọra bu ti òkè, mo fi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tí mo ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo gbé e sórí ìwé, mo rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè pè é. Mo tún dá a padà sínú korobá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó ka àkọlé náà tán, ìgbà yẹn ni mo sì tó gbé e lọ sóòrùn. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń dúró, omi tí mo sè la mu, mo jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Amọ̀ kan wà tí kì í rọlẹ̀ bọ̀rọ̀, tó lè léfòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Irú èyí, ẹ má bá a fà á, ẹ gbé e kaná. Ẹ má sì rò pé omi tó ti tòrò ti kúrò ní eléwu o. Kòkòrò tí ojú ò rí ṣì kún inú rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé oòrùn ti wá ráyè bá wọn jà ni.

Ike náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju lítà méjì lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ní àwọ̀. Mo máa ń ya bébà ara rẹ̀ kúrò. Èyí tó bá ti ha káàkiri, tó ti ṣókùnkùn, mo máa ń yọ ọ́ kúrò lára ti oòrùn. Ṣe ni mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, mi ò kì í gbé e nàró, kí omi má baà jìn jù fún ìmọ́lẹ̀. Tí ìkúùkù bá bo ju ìdajì ojú ọ̀run lọ, ọjọ́ méjì ni mo ń fi í síta. Tí òjò bá ń rọ̀ ṣáá, mi ò sá a rárá, ṣe ni mo ń sè é.

Omi tó bá ní epo bẹntiróòlù, oògùn apakòkòrò tàbí àsẹ́níìkì nínú, oòrùn kò lè ṣe nǹkan kan sí i, kódà kó mọ́ bíi dígí. Mo máa ń fi èyí tó ti gba oòrùn sílẹ̀ nínú ike rẹ̀ gan-an, màá máa da ìwọ̀nba tí a fẹ́ mu sínú ife, tórí tí mo bá dà á sínú ìkòkò tí gbogbo èèyàn ń tọwọ́ bọ̀, ìdọ̀tí ọwọ́ á tún wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo bá gbé ike wọlé ni a máa ń mu ún tán.