Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí wáyà wà lẹ́nu ọmọ mi

Eyín ṣóńṣó ọmọ mi obìnrin hù síta, ó gun orí àwọn tó kù. Ìyẹn ló ń gbé wa láti Adó-Èkìtì lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín ní Ifẹ̀. Kí dókítà tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn lẹ́nu, ó béèrè bóyá kí òun pa èjí rẹ̀ dé. Ọmọ náà ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi fi èjí mi sílẹ̀.” Dókítà gbà. Ó ní èjí tí wọ́n bá fi wáyà pa dé wà lára ohun tó tètè máa ń ṣí padà jù.

Mo ní kí ó ṣàlàyé bí wáyà ṣe ń ti eyín. Ó ní eyín kò lẹ̀ mọ́ eegun. Iṣan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yí gbòǹgbò rẹ̀ ká, tó so ó mọ́ eegun àgbọ̀n. Bí wáyà bá ń rọra ti eyín, ara á máa jẹ eegun tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, á sì máa mọ eegun tuntun sí ẹ̀yìn ibi tó ti kúrò. Nǹkan bíi mìlímítà 1 ni eyín ń rìn lóṣù kan. Mo wá bi í pé ṣé kò lè fún wáyà náà le kó yá. Ó ní rárá o: bó bá le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè ráyè wọ inú iṣan yẹn, ibi tí wọ́n tẹ̀ á kú, eyín á sì dúró gbagidi títí ara yóò fi kó òkú iṣan náà kúrò. Ó tún lè mú kí gbòǹgbò eyín jẹ, kó kúrú. Nítorí náà, ẹ má bẹ dókítà pé kó fún un le.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún wáyà ṣe, eyín á máa ro ó fún ọjọ́ mélòó kan. Iyán ló dára jù nígbà náà, ó rọ̀, ó sì ń lọ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọbẹ̀. Àgbàdo sísun, ìrèké àti egungun ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n ń ṣí àwọn irin kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín. Eyín tí irin rẹ̀ bá ṣí kò ní rìn mọ́ bó ṣe yẹ, ẹ tètè pe dókítà.

Ìmọ́tótó ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fojú sí jù. Oúnjẹ máa ń há sí àyíká irin, àwọn kòkòrò inú ẹnu á jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di omi kíkan tó ń fa agbára kúrò lára eyín. Àmì rẹ̀ ni àbàwọ́n funfun bí ẹfun ní eteetí irin. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìgbà tí wọ́n bá tú wáyà ni ìyá ọmọ tó rí i. Ìmọ́tótó lè dá a dúró, àmọ́ kì í sábà parẹ́ tán.

Pákò nìkan ò tó níbí, kò lè wọ abẹ́ wáyà. Bí ọmọ mi ṣe ń ṣe é nìyí: á fi omi ṣan ẹnu kí oúnjẹ tó há lè jáde. Á dagun búrọ́ọ̀ṣì sí èrìgì kó lè kan ibi tí èrìgì àti eyín ti pàdé, á fọ òkè irin, á fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín gba abẹ́ wáyà láàárín irin méjì. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fulóráìdì ló ń lò, ó ń tu ú, kì í fi omi ṣan án lẹ́yìn náà. Bí èrìgì bá wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe dáwọ́ fífọ̀ dúró nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Bí fífọ̀ bá dára, ó sábà máa ń dá láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ọjọ́ tí wọ́n tú wáyà, ọmọ mi rò pé ó parí. Kò tíì parí, torí eegun tuntun ṣì rọ̀, àwọn okùn inú èrìgì sì ṣì ń fa eyín padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Ó lè tó ọdún kan kí okùn wọ̀nyẹn tó rọlẹ̀. Iṣẹ́ rìtéénà ni láti di eyín mú títí ìgbà yẹn. Èyí tí wọ́n fún un jẹ́ ike tó mọ́ gaara, ó ń bo eyín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tọ̀sántòru ló ń lò ó, àfi ìgbà tó bá ń jẹun; lẹ́yìn náà, alẹ́ nìkan, dókítà sì ní kó máa lò ó lálẹ́ fún ọdún gbọọrọ, torí eyín àgbàlagbà pàápàá ṣì máa ń sún.

Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á ká a kò. Níbi òde, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi tíṣù wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo sábà máa ń bá pàǹtí lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìkéré fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó padà gbé e, kò wọlé mọ́, eyín iwájú rẹ̀ sì ti ń yí. Bí rìtéénà bá kàn fún díẹ̀ tó sì wọlé tán, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ gbé e lọ fún dókítà kó ṣe òmíràn kí eyín tó tún rìn jìnnà.