Ta ni àdánù náà bá?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka tí ó ń yẹ ìbéèrè owó àdánù wò ní iléeṣẹ́ adójútòfò, ẹjọ́ kan wà tí mo há sórí nígbà tí mo ń múra ìdánwò, ṣùgbọ́n tí kò yé mi títí di ọjọ́ tí fáìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dé orí tábìlì mi.

Ẹjọ́ náà ni ti Ọ̀gbẹ́ni Macaura, tí ó ní igi gẹdú lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Àríwá Írẹ́lándì. Ó ta gbogbo gẹdú náà fún kọ́ńpìnnì kan, kọ́ńpìnnì sì fún un ní ṣíà 42,000 dípò owó. Òun àti àwọn tí ó ń ṣojú fún un nìkan ni wọ́n ni gbogbo ṣíà kọ́ńpìnnì náà, kọ́ńpìnnì sì tún jẹ ẹ́ ní gbèsè tí ó tó 19,000 pọ́n-ùn. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ ṣe adójútòfò gẹdú náà ní orúkọ ara rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1922, iná jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Ìlú Ọba ní 1925, wọ́n ní kò ní gba kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá rò pé ìkà ni ìdájọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò ó. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iná náà kò dun ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin ń bèèrè kì í ṣe ẹni tí ó dùn, bí kò ṣe ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó jóná. Kọ́ńpìnnì ni ó ni gẹdú, kọ́ńpìnnì sì jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin, àní bí ènìyàn kan ṣoṣo bá tilẹ̀ ni gbogbo ṣíà rẹ̀. Gbèsè náà kò gbà á sílẹ̀, nítorí pé wọn kò fi gẹdú náà ṣe ìdúró fún un. Ká ní orúkọ kọ́ńpìnnì ni ó fi ṣe adójútòfò ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ìdí tí òfin fi le báyìí kò ṣẹ̀yìn tẹ́tẹ́. Ní Ìlú Ọba láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn a máa ra ìwé adójútòfò lórí ọkọ̀ ojú omi tí kì í ṣe tiwọn, àti lórí ẹ̀mí àwọn tí wọn kò bá tan, títí tí òfin ọdún 1745 fi dí ti ọkọ̀ ojú omi, tí ti 1774 sì dí ti ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá ṣe adójútòfò ilé aládùúgbò rẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan bí ilé náà bá jó; èrè ni iná náà yóò jẹ́ fún un, ó sì lè máa wá ìṣáná.

Fáìlì tí mo sọ nìyí. Ọkùnrin kan ra adójútòfò kíkún fún ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ní oṣù kẹrin ó ta ọkọ̀ náà, ó gba owó rẹ̀ pé, ó sì fún ẹni tí ó rà á ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú gbogbo ìwé ọkọ̀, títí kan ìwé adójútòfò. Ní oṣù kẹjọ ọkọ̀ náà forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tí ó tà á sì bá ẹni tí ó rà á, tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó àdánù ní orúkọ ara rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn púpọ̀ nínú rẹ̀, àánú ni. Orúkọ mìíràn tí mo rí lórí ìwé owó tí mẹkáníìkì kọ ni ó mú mi béèrè rìsíìtì títa ọkọ̀, déètì orí rẹ̀ sì parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wa ṣàdéhùn kò pàdánù ohunkóhun mọ́ láti oṣù kẹrin; ẹni tí ó pàdánù kò sì bá wa ṣàdéhùn rí. A kò san owó fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ má ṣe wá rò pé ẹni tí ó ni nǹkan nìkan ni ó ní ìpín, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin mọ̀ tí ènìyàn fi lè ṣe adójútòfò nǹkan náà. Báǹkì tí wọ́n fi ilé dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìpín, ṣùgbọ́n kò kọjá iye gbèsè tí ó kù. Mẹkáníìkì tí ọkọ̀ oníbàárà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní ìpín, nítorí pé wọ́n lè ní kí ó san án bí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́ níbẹ̀. Ayálégbé tí ó fọwọ́ sí i pé òun yóò máa tún ilé ṣe náà ní i. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ láwìn, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ kò tíì di ti ẹni tí ó rà á títí owó yóò fi pé, ṣì ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ kò sí nínú wọn, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn ẹni tí ó ni nǹkan náà tó.

Nítorí náà, kí n tó wo àwòrán ọkọ̀ tí ó rún, ìwé tí ó fi ẹni tí ó ni ín hàn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, mo sì ń fi déètì rẹ̀ wé ọjọ́ àdéhùn àti ọjọ́ ìjàǹbá. Ní ti ọ̀gbẹ́ni tí ó ra ọkọ̀ yẹn, lẹ́tà kan sí wa ní oṣù kẹrin, kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́, ni ì bá ti tó: bí a bá gbà á, a ó yí orúkọ padà, ìwé náà yóò sì di tirẹ̀.