Lẹ́gíǹsì, Òógùn àti Ooru Tó Ń Sú sí Itan

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń tajà ní ọjà Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, fi itan rẹ̀ hàn mí. Ooru ti sú síbẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó sì ń ta á bí abẹ́rẹ́, pàápàá jù lọ níbi tí rọ́bà pátá àti lẹ́gíǹsì ti fún un. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ orúnkún, níbi tí lẹ́gíǹsì náà kò dé, ara rẹ̀ ń dán. Ó ní ọṣẹ tuntun ló fà á, àmọ́ ọṣẹ kì í yan ibi tí rọ́bà wà.

Pólísítà, okùn oníke tí wọ́n fi ń hun ọ̀pọ̀ lẹ́gíǹsì, kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi mu. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ara, òógùn kò ní ráyè gbẹ, awọ ara yóò rin títí ihò òógùn yóò fi dí, òógùn tí kò rí ọ̀nà jáde yóò sì tú sábẹ́ awọ, ohun tó ń fa títa náà nìyẹn.

Mo fa fọ́nrán kan yọ lára lẹ́gíǹsì náà, mo ṣáná sí i lórí abọ́ irin: ó yọ́, ó sì di kókó líle bí oníke ṣe máa ń ṣe. Fọ́nrán kọ́tìnì jó bí ìwé, ó di eérú.

Mo ní kó wọ pátá kọ́tìnì tí kò fún, kó fi ṣòkòtò àńkárá olówùú tó fẹ̀ rọ́pò lẹ́gíǹsì, kó sì máa pààrọ̀ pátá lọ́sàn-án, nítorí kọ́tìnì tó bá rin kì í tètè gbẹ. Ìpara tó ki yóò tún dí ihò náà ni. Bí ohun tó sú náà bá yí po bí òrùka tàbí tó ṣọyún, kì í ṣe ooru lásán mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.