Bí mọ́tò mi ṣe fi 648 mítà dúró

Ọkọ̀ ń sá ní 72 km/h, awakọ̀ tẹ bíréèkì, asẹlẹréṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ −4 m/s². Báwo ni yóò ṣe rìn jìnnà tó kó tó dúró? Èmi kọ 648 mítà, mo tún fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò wo ló ń fi ohun tó ju ìdajì kìlómítà lọ dúró? Ó ṣì ń dùn mí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò kàwé o, fọ́múlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí mi. Èyí tí mo lò tọ̀nà: v² = u² + 2as; u ni ìyára ìbẹ̀rẹ̀, v ni ìyára ìparí, a ni asẹlẹréṣọ̀n, s ni ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn. Ọkọ̀ tó dúró, v rẹ̀ jẹ́ 0, nítorí náà u² la ó pín sí 2 lọ́nà 4. 72 lọ́nà 72 jẹ́ 5184, mo pín in sí 8, ó di 648. Àṣìṣe ò sí nínú ìṣirò. Mítà àti ìṣẹ́jú-àáyá ni −4 ń sọ, èmi gbé kìlómítà àti wákàtí lọ bá a.

Kìlómítà kan jẹ́ 1000 mítà, wákàtí kan jẹ́ 3600 ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà ẹ pín km/h sí 3.6 kó lè di m/s. 72 di 20. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400, ẹ pín in sí 8, ó ku 50 mítà. Torí pé fọ́múlà náà ń sọ ìyára di ìlọ́po ara rẹ̀, àṣìṣe 3.6 di nǹkan bí ìlọ́po 13.

Ẹ kọ ẹyọ ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ní gbogbo ìlà, kì í ṣe ní ìdáhùn nìkan. m²/s² tí a pín sí m/s², s² á pa ara wọn, m á ṣẹ́ kù. Ká ní mo kọ km²/h² sókè m/s² ni, kò sí ohun tí ì bá pa ara rẹ̀, ojú mi ì bá sì là. (s tó dúró fún ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn yàtọ̀ sí s ìṣẹ́jú-àáyá. Èmi máa ń tẹ ti àkọ́kọ́ yẹn díẹ̀ kí n má baà pa á dànù.)

Àmì ìyọkúrò náà ńkọ́? Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, s á jáde ní −50, ìyẹn á sì ta yín lólobó. Ẹyọ ìwọ̀n tí ò bára mu kì í ta èèyàn lólobó ní tirẹ̀, àfi kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè kejì ní ká wá ọ̀nà tí ọkọ̀ náà rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 6. s = ut + ½at² fún wa ní 120 − 72, ìyẹn 48 mítà. Ó kéré sí 50! Ẹyọ ìwọ̀n bára mu níbí, síbẹ̀ irọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi v = u + at wá àsìkò tó dúró: 20 ÷ 4, ìṣẹ́jú-àáyá 5. Fọ́múlà ò mọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá kẹfà dá a padà sẹ́yìn 2 mítà. 50 mítà náà ni ìdáhùn.