Ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ aró kúrò lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé tọ̀ mí wá, ó di fóònù ìyá rẹ̀ mú. Ó gbàgbé ìwé iṣẹ́ àmúrelé Yorùbá sí kíláàsì. Ìyá ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló bá wọn ya fọ́tò tọmọ tirẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbà á.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Mi ò rí àwọn àmì yẹn dáadáa."

Mo nu ọwọ́, mo jókòó tì í. Lóòótọ́ ni, fọ́tò náà ò dáa. Abẹ́ iná alẹ́ ni wọ́n ti yà á, òjìji orí ẹni tó yà á bo apá òsì, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lórí ìlà tó kẹ́yìn. Àwọn lẹ́tà fúnra wọn ṣeé kà. Àmì orí wọn àti àmì ìdí wọn ló dàrú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe, ìyẹ́ adìẹ ni mo sì fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ̀kán kékeré kan lè bàjẹ́. Síbẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti jókòó ti ìbéèrè gírámà Yorùbá.

Ìbéèrè kejì ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Wọ́n ní kí ó sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí nídìí nínú gbólóhùn yìí: "Bàbá ra ọkọ tuntun." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí ni "ọkọ", mo sì kọ ọ́ báyìí láìfi àmì sí i nítorí pé bí ó ṣe rí lójú wa nìyẹn. Ìlà tí wọ́n fà ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Ìdí lẹ́tà gan-an ni àmì ọ, ẹ àti ṣ máa ń wà, ìdí náà sì ni wọ́n fàlà sí. Nínú ìwé gidi, èèyàn á rí i pé àmì náà yọ lábẹ́ ìlà díẹ̀. Nínú fọ́tò, ìlà àti àmì ti lẹ̀ mọ́ra. Ọmọ náà kà á sí "oko", ó ní bàbá ra oko tuntun. Kò burú, èèyàn lè ra oko. Ṣùgbọ́n mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, mo rí i pé ìlà náà nípọn díẹ̀ lábẹ́ ọ méjèèjì, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ k. Níbi tí ìlà bá ti ṣe kókó báyìí, àmì ìdí ló wà níbẹ̀.

Ó wá ku àmì ohùn. Ohun kan bíi pàǹtí wà lókè, kò sí lórí lẹ́tà kankan. Inú àlàfo tó wà láàrin "ọkọ" àti "tuntun" ló wà. Ọmọ náà ní ìdọ̀tí ni. Mo ní kó má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ ìwé náà, àwọn ìrísí lẹ́tà kan sì wà tí àmì ohùn kì í jókòó dáadáa lórí ọ àti ẹ nínú wọn. Ṣe ló máa ń yọ̀ lọ sápá ọ̀tún, a sì bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e tàbí sínú àlàfo. Orí fáwẹ̀lì, tàbí orí n àti m tó bá dá dúró gẹ́gẹ́ bíi sílébù, ni àmì ohùn máa ń wà. Bí a bá wá bá a lórí k tàbí nínú òfìfo, fáwẹ̀lì tó wà lápá òsì rẹ̀ ló ni ín. Nítorí náà, ọ tó gbẹ̀yìn "ọkọ" ló ni àmì yẹn.

Ṣùgbọ́n ṣé òkè ni àbí ìsàlẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti ní kí a rọra. Àmì òkè ń gòkè lọ sápá ọ̀tún, ti ìsàlẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n bí a ti ń fẹ fọ́tò náà sí i bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń di wúruwùru, tí gbogbo rẹ̀ wá dà bí ẹ̀kán dúdú kan. Bó bá jẹ́ ọkọ́ ni, irinṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, mọ́tò ni. Bàbá lè ra èyíkéyìí nínú méjèèjì, tuntun sì bá méjèèjì mu. Gbólóhùn náà nìkan ò lè là á fún wa. Ọmọ náà ti fẹ́ kọ "mọ́tò" sílẹ̀ torí ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ní ìkóríta Ọláìyá nìyẹn. Mo di bírò rẹ̀ mú. Mo ní kó ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

"Ó fi kọ ebè mẹ́wàá."

Ó dákẹ́, ó wò mí. "Àǹtí, wọn kì í fi mọ́tò kọ ebè."

Ọkọ́ ni. Inú mi dùn pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Síbẹ̀ mo pe ìyá ọmọ kíláàsì rẹ̀ yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó tún un yà fún wa: kó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó dúró lókè rẹ̀ gangan, kí iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má wà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì gba `Document` fi ránṣẹ́. Bí èèyàn bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, Wọ́sáàpù á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, ohun tó tín-ín-rín jù lọ ló sì kọ́kọ́ máa ń bá a lọ. Nínú ìwé Yorùbá, àmì ló tín-ín-rín jù lọ.

Bí a ti ń dúró de fọ́tò náà, a wo ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n tún fàlà sí: "Ìyá fi owó náà ṣe òwò." Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n fàlà sí. Ibí yìí, àmì wà lórí fáwẹ̀lì rẹ̀ méjèèjì, èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ sì ti parẹ́ dé ìdajì. Kò dà mí láàmú rárá. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá pọ́nbélé tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀. Àárín ni tàbí ìsàlẹ̀. Àárín kì í gba àmì. Bí àmì bá ti wà lórí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó, ìsàlẹ̀ ni. Mo ní kó máa dárúkọ ohun tó bá mọ̀, kó sì wò ó bóyá á rí èyí tó yàtọ̀: ìlú, ọ̀nà, àga, ewúrẹ́, ọbẹ̀, ìkòkò. Ó wá a títí, kò rí. Ó kù kí a mọ̀ bóyá òwò ni tàbí ọ̀wọ̀, torí ìlà tún bo ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò ni wọ́n ń fi owó ṣe.

Ìbéèrè kẹta ló gba àkókò wa jù, kò sì sí ẹ̀bi fọ́tò níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ rọ́pò àbọ̀ nínú gbólóhùn mẹ́ta: "Ìyá ra ẹja. Olùkọ́ rí ìwé. Ọmọ náà jẹ ẹ̀bà." Ohun tó kọ ni "Ìyá ra a. Olùkọ́ rí í. Ọmọ náà jẹ ẹ." Fáwẹ̀lì tó yàn tọ́, ohùn ló ṣì.

Mo ní kó gbé bírò sílẹ̀, kó sọ ọ́ lẹ́nu bí ìgbà tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bi í: "Ẹja dà?" Ó dáhùn: "Màámi rà á." Mo ní kó tún un sọ, kó fi dò-re-mí kùn ún. Ó kùn ún: dò, mí. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, rà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ni gan-an. Ìgbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e ló máa ń gòkè bọ́ sí àárín, òun la ṣe ń kọ "ra ẹja" láìsí àmì. Bí arọ́pò-orúkọ bá gba ipò ẹja, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á padà: rà á. (Òun náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀kán tó wà lórí "ra" nínú fọ́tò, nínú "Bàbá ra ọkọ́", ìdọ̀tí ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló tẹ̀ lé e, àmì ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.)

Arọ́pò-orúkọ náà sì ń wo ojú ọ̀rọ̀-ìṣe kó tó mú ohùn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà lókè, òun á wà ní àárín: rí i. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà ní àárín tàbí ìsàlẹ̀, òun á lọ sókè: jẹ ẹ́, rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó rí mi" àti "ó rà mí". "Yín" nìkan ni kì í yí padà, òkè ló máa ń wà. Ọmọ náà dán an wò pẹ̀lú "fún" àti "kùn", ó gbà á: fún un, kùn ún. Ó wá pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó tún un kọ: "Ìyá rà á. Olùkọ́ rí i. Ọmọ náà jẹ ẹ́." Ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Fọ́tò kejì dé. Ó mọ́ kedere. Àmì òkè ló wà lórí ọkọ́, ó yọ̀ sápá ọ̀tún bí mo ti rò. Ìlà tí àtàǹpàkò bò náà yọ: "Fi àmì tó yẹ sí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: Osun, Osogbo."

Ó kọ Ọ̀ṣun, ó gbà á. Ó wá kọ "Ọ̀ṣọgbọ", ó fi àmì ìdí sábẹ́ gbogbo rẹ̀ nítorí ti odò. Kò lè wò ó lára pátákó ìgboro, púpọ̀ nínú wọn kì í ní àmì kankan. Mo bi í bóyá ó mọ ìtàn ìkòkò aró. Ó mọ̀ ọ́n. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ń gé igi létí odò, igi wó lu omi, ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Mo ní, kí ni ohùn náà pè wọ́n?

"Oṣó igbó."

"Oṣó, ṣé àmì wà ní ìdí o rẹ̀?"

"Kò sí."

"Igbó ńkọ́?"

Ó ti mú ìrésà kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó nu àmì ìdí mẹ́ta náà kúrò, ó fi ti ṣ sílẹ̀, ó sì fi àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lórí ti ìbẹ̀rẹ̀. Òṣogbo. Bébà náà ṣì dọ̀tí díẹ̀ níbi tó ti nu ún.