Orógùn Tó Dákẹ́

Ọjọ́bọ̀, Yábàá.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bá ìtàn ìṣẹ́jú kan ṣoṣo jà. Ìpolówó rédíò ni. Oníbàárà wa ń ta fùréjọ̀nù inú àpò: ẹ̀wà tí wọ́n ti sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ títí tó fi di lúbúlúbú, tí wọ́n sì po wàrà àgbọn gbígbẹ àti ṣúgà mọ́. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ọ̀gá wọn, ọmọ Àgùdà tó dàgbà sí Pópó Àgùdà, ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ti Bùràsílì padà wá sí Èkó ní àwọn ọdún 1800 ló mú un bọ̀. Ẹ̀wà náà ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí lédè Potogí. A ó rẹ ẹ̀wà mọ́jú, a ó sè é títí yóò fi rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sí i, a ó gbé e padà sórí iná. Ọbẹ̀ ẹja la fi ń jẹ ẹ́. Èmi máa ń bu gàrí Ìjẹ̀bú lé e lórí.

Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ìyá àgbà jókòó sídìí àdògán, èéfín ń rú, ọmọ-ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kà á tán, ó fi bírò pa orúkọ oúnjẹ rẹ́, ó kọ "ọṣẹ" sí i, ó ní kí n tún un kà. Mo kà á. Kò sí ohun tó yí padà. Ojú tì mí gan-an.

Mo pe Àǹtí mi ní Láfíàjì lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bi wọ́n pé kí ló máa ń ba fùréjọ̀nù jẹ́. Wọn ò tiẹ̀ ronú.

"Jíjó ni. Ẹ̀wà lílọ̀ máa ń wọ́ lọ sísàlẹ̀, ṣúgà á sì mú un mọ́ ìkòkò. Bí orógùn bá dúró pẹ́nrẹ́n, ó ti jó nìyẹn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ìkòkò. Ìyá wa kì í wo ìkòkò. Wọ́n á wà ní pálọ̀, wọ́n á máa gbọ́ orógùn."

Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kí n tó mú ìwé. Rédíò kò ní ojú, etí ló ní. Ohun tí mo kọ nìyí:

Ọmọ: Màmá, mo ti po ó, ó ti wà lórí iná.
Ìyá, lórí fóònù: Ó dáa. Máa rò ó.
(Ohùn orógùn.)
Ọmọ: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ fún yín…
(Orógùn dákẹ́.)
Ìyá: Kí ló dé tó o fi dúró?
Ọmọ: Há, báwo lẹ ṣe mọ̀?
(Orógùn bẹ̀rẹ̀ padà.)
Ohùn: A ti bá ọ rẹ ẹ̀wà, a ti lọ̀ ọ́, a ti sẹ́ ẹ. Rírò ló kù.

Kò sí bí ọṣẹ ṣe fẹ́ wọ ibẹ̀.

Àwọn oníbàárà kò fẹ́ gbólóhùn ìparí. Wọ́n ní kí ló dé tí a fẹ́ máa sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ ṣì kù? "Bí ìyá àgbà ṣe ń sè é gẹ́lẹ́" ni wọ́n fẹ́. Mo ní, ṣé ìyá àgbà lo wàrà àgbọn gbígbẹ? Wọ́n dákẹ́. Láti ìgbà òfin ọdún 2022, ARCON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó kó tó jáde, "gẹ́lẹ́" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè ní ká fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá fọkàn balẹ̀ pé iṣẹ́ ti tán yóò fi ìkòkò sílẹ̀, yóò jó, àpò wa ni yóò sì bú. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló yí wọn lọ́kàn padà.

(Orin ìparí tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa. "Ọwọ́ ìyá àgbà" la kọ, ṣùgbọ́n ohùn dùùrù ń lọ sísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, ló bá di "ọwọ̀". Ìgbálẹ̀ ìyá àgbà nínú oúnjẹ! A tún un ṣe.)

Òní la gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Súrùlérè. Màmá tó ń ṣe ìyá nínú ìpolówó náà kọ̀ kí wọ́n máa fi ṣíbí ro omi lásán. Wọ́n ní ohùn fùréjọ̀nù wúwo ju ìyẹn lọ, a sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. A gbé sítóòfù wọlé, a po àpò méjì. Ibi tí orógùn ti ń dákẹ́ yẹn ló ṣòro jù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la gbà á. Nígbà tí a fi rí èyí tó dára, òórùn ti kún yàrá.

Màmá gba orógùn lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n rọra bu òkè rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn. "Ẹ má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ o," ni wọ́n ń sọ. A jẹ òkè.