Ìkànnì mẹ́sàn-án, ẹnu kan ṣoṣo

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí, ọdún kejì mi nídìí iṣẹ́ yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ mi nígbà náà ni láti yẹ àpilẹ̀kọ àwọn ẹlòmíràn wò kó tó jáde. Ọ̀kan dé ọwọ́ mi lórí bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó sọ pé ní ọdún 2000, ìṣẹ́jú àáyá 12 ni ènìyàn lè fi pọkàn pọ̀ sójú kan, pé nígbà tó fi máa di 2013 ó ti já sí 8, àti pé ẹja góòlù, ẹja kékeré tí wọ́n ń sìn sínú gíláàsì yẹn, ń lo 9. Ẹja wá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ju ọmọ ènìyàn lọ.

Mo wá ìlà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí i lórí ìkànnì mẹ́sàn-án. Àwọn ìwé ìròyìn tó lórúkọ wà lára wọn. Mo fàmì sí i pé ó tọ̀nà, mo tì í síwájú. Kò pẹ́ tí olóòtú wa fi pè mí. Ó ní, "Mẹ́sàn-án tí o rí yìí, ẹnu mélòó ni?" Mo ní, "Mẹ́sàn-án ni, mà." Ó ní kí n padà lọ kà á.

Bí mo ṣe kà á nìyí. Mo ṣí ìkànnì kọ̀ọ̀kan, n kò ka àpilẹ̀kọ náà rárá, mo kàn ń wá ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tó fún wọn ní iye náà, mo sì tẹ líǹkì ibẹ̀. Mẹ́ta kò sọ ibi kankan, "ìwádìí fi hàn pé" nìkan ni wọ́n kọ. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn dáadáa, nítorí ìwádìí tí kò ní orúkọ kò yàtọ̀ sí "wọ́n ní". Méjì tọ́ka sí ìkànnì mìíràn tó wà nínú mẹ́sàn-án náà. Mẹ́rin tó kù tọ́ka sí àpilẹ̀kọ kan tí ìwé ìròyìn Time gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2015, tàbí kí wọ́n tọ́ka tààrà sí ibi tí Time fúnra rẹ̀ ti mú un: ìwé àbọ̀ iṣẹ́ tí ẹ̀ka Microsoft ní Kánádà kọ fún àwọn olùpolówó ọjà ní ọdún yẹn. Mẹ́sàn-án ti di ọ̀kan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí. Microsoft ni, ilé iṣẹ́ ńlá, kí la tún ń wá? Ó sì ṣe iṣẹ́ gidi nínú ìwé náà: wọ́n bi ẹgbẹ̀rún méjì ará Kánádà ní ìbéèrè, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń ka iná inú ọpọlọ yẹ ènìyàn 112 wò. Ẹni tó bá kà á kíákíá á rò pé inú iṣẹ́ yẹn ni 12 àti 8 ti jáde. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó ní ẹja góòlù, wọ́n kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti yá iye náà: ìkànnì kan tó ń jẹ́ Statistic Brain. Ìwádìí tiwọn kò wọn iye yẹn. Iye àyálò kan jókòó láàárín iṣẹ́ gidi, ó sì gba iyì tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fi ìwádìí ńlá kan hàn mí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ni bóyá iye tí mo ń wá wà lára ohun tí wọ́n wọ̀n, àbí wọ́n kàn sọ ọ́ bí ẹni ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà.

Mo lọ sí Statistic Brain. Ojú ìwé rẹ̀ mọ́, ó ní tábìlì, ó ní ọjọ́, ó tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ilé ìwádìí. Bí mo bá fi ojú lásán wò ó, màá gbà á. Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Yunifásítì Stanford ti dán irú èyí wò. Wọ́n kó onítàn mẹ́wàá, akẹ́kọ̀ọ́ 25 àti àwọn mẹ́wàá tó ń fi ìyẹ̀wò òtítọ́ ṣe iṣẹ́ jọ, wọ́n sì fi ìkànnì ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé méjì hàn wọ́n ní Amẹ́ríkà: ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá tó ti wà láti 1930, èkejì jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré tó yapa lára rẹ̀ ní 2002. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn onítàn pàápàá, jókòó sórí ìkànnì náà, wọ́n ń wo àmì rẹ̀, orúkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń ṣìnà. Àwọn tó ń yẹ òtítọ́ wò kò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà wá kà á. Ohun tí ìkànnì kan kọ nípa ara rẹ̀, ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá.

Nísàlẹ̀ tábìlì Statistic Brain, wọ́n kọ orúkọ ibi méjì tó ń múni lọ́kàn balẹ̀: ibùdó ìmọ̀ ìṣègùn tó wà lábẹ́ ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, àti ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press. Kò sí àkọlé ìwádìí, kò sí orúkọ òǹkọ̀wé, kò sí ọdún. Ilé ìkàwé nìkan ni wọ́n dárúkọ, bí ẹni pé kí n ní "mo rí i nínú ìwé" kí ẹ sì gbà. Mo wá a títí, n kò rí nǹkan. Nígbà náà ni mo rí i pé akọ̀ròyìn BBC kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú mi, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta 2017. Ó kàn sí àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tó rí ìwádìí kankan tó ti iye náà lẹ́yìn. Ó kàn sí Statistic Brain, wọn kò fèsì. Ó tún bi onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Open University, Gemma Briggs, ìyẹn sì ní pé kò sí ohun tó ń jẹ́ iye kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn fi ń pọkàn pọ̀, nítorí ohun tí ènìyàn ń ṣe ló ń pinnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Briggs yìí dùn mí, nítorí ǹ bá ti rò ó fúnra mi kí n tó tẹ líǹkì kankan. Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Kí ni wọ́n ní kí ẹja náà máa wò? Ẹni tó ń wa ọkọ̀ àti ẹni tó ń ka ìwé, èwo ni wọ́n wọ̀n? Bí ẹ kò bá lè fojú inú wo bí ènìyàn ṣe jókòó wọn iye kan, ẹ má tíì gbà á.

Ọjọ́ tí àpilẹ̀kọ jáde náà ní ìwúlò tí wọn kì í kọ́ni. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí a wò ó bóyá àpilẹ̀kọ ti pẹ́ jù. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni láti fi ọjọ́ to àwọn ìkànnì tẹ̀ lé ara wọn, kí n lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní oṣù Keje 2008, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà fi àwàdà kọ ọ́ sórí Wikipedia pé ẹranko kòátì ti Gúúsù Amẹ́ríkà tún ń jẹ́ "Brazilian aardvark". Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìwé ìròyìn kó o, wọ́n tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan fi ìwé ìròyìn ṣe ẹ̀rí lórí Wikipedia pé orúkọ náà tọ̀nà. Ó di 2014 kí ọ̀rọ̀ náà tó tú síta. Ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn àti Wikipedia á rí ẹlẹ́rìí méjì tó fẹnu kò. Ẹni tó bá tẹ `View history`, tó wo ọjọ́ tí gbólóhùn náà wọlé, á rí i pé ẹ̀rí kéré lọ́jọ́ orí ju ohun tó ń jẹ́rìí sí lọ.

Fún àwọn ojú ewé mìíràn, báyìí ni mo ṣe máa ń wá èyí tó ṣáájú Microsoft:

```
"attention span" "8 seconds" before:2015-01-01
```

Ẹ ṣọ́ra fún un o. Ọjọ́ tí ojú ewé bá sọ ni Google sábà máa ń lò, àwọn ìkànnì kan sì ń fi ọjọ́ òní sórí àpilẹ̀kọ àtijọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí ọ̀rọ̀ kan péré padà. Bí ọjọ́ bá ń rú mi lójú, mo máa ń fi àdírẹ́sì ojú ewé náà sínú web.archive.org kí n wo bó ṣe rí láyé àtijọ́.

Ìfẹnukò gidi wà o, n kò ní kí ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì, ilé iṣẹ́ USGS ti Amẹ́ríkà á fi ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe ìṣirò bó ṣe lágbára tó, GFZ ti Jámánì á ṣe tirẹ̀. Ọ̀kan lè ní 6.1, kí èkejì ní 6.2. Àwọn kan máa ń rí ìyàtọ̀ kékeré yìí, wọ́n á ní àwọn onímọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi, òun gan-an ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, nítorí ó ń fi hàn pé ẹni méjì ló wọ̀n ọ́n. Àwọn mẹ́sàn-án tèmi, 12, 8, 9 ni gbogbo wọn kọ, kò sí ẹni tó ní 11, kò sí ẹni tó ní 8 ààbọ̀. Ọwọ́ kan ló kọ ọ́.

Mo kọ ìwé sí ẹni tó ni àpilẹ̀kọ náà. N kò ní irọ́ ló pa, nítorí àìrí ẹ̀rí kò sọ ọ̀rọ̀ di irọ́. Mo ní a kò rí ìwádìí tó gbé e dúró, nítorí náà ìlà yẹn á jáde kúrò. Inú bí i. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ó sì fi líǹkì kan ránṣẹ́ tí kò sí lára mẹ́sàn-án mi. Mo ṣí i, mo yí i lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní: Microsoft, 2015.